Ihò méje níbí, ihò méje lọ́hùn-ún: ìdí tí okùn ṣáàjì fi kọ̀ láti wọ mọ́tò oníná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi bá mi ra mọ́tò oníná tòkúnbọ̀ láti Ṣáínà, ọ̀nà Kùtọ́nù ló gbà wọlé. Okùn ṣáàjì rẹ̀ kò bá a wá. Mo ra òmíràn tí wọ́n kọ Táìpù 2 sí lára. Ihò méje ló wà lára mọ́tò, ihò méje ló wà lórí okùn, síbẹ̀ kò wọlé. Ṣé mọ́tò ló bàjẹ́ ni? Mo sì fẹ́ máa gbé e lọ Ìbàdàn. (Láti Ìgbógbó, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe mọ́tò yín, okùn náà kò sì bàjẹ́. Abo lẹ gbé ko abo. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń ta ohun èlò iná lọ́jà máa ń pe orí tí irin rẹ̀ yọ síta ní akọ, wọ́n á sì pe èyí tó jẹ́ ihò ní abo. Méje tí ẹ kà níbí àti méje tí ẹ kà lọ́hùn-ún, ihò ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tó máa wọ inú èkejì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ rèé. Ilé iṣẹ́ Mẹ́nẹ́kẹ̀sì ní ilẹ̀ Jámánì ló gbé orí yẹn jáde ní 2009, Yúróòpù sì gbà á, òun là ń pè ní Táìpù 2. Nígbà tí Ṣáínà ṣe ìlànà tirẹ̀ ní 2011, èyí tí wọ́n ń kọ ní GB/T 20234 sára okùn, irú ìrísí yẹn náà ni wọ́n mú: ó rí roboto, òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, márùn-ún tóbi nínú méje náà, méjì kéré. Ohun tí wọ́n yí pa dà ni akọ àti abo. Nínú mọ́tò Táìpù 2, pínnì irin ló dúró sínú mọ́tò, ihò ló wà lórí okùn. Nínú mọ́tò GB/T, ihò ló wà lára mọ́tò, pínnì ló wà lórí okùn. Ẹni tó bá kàn ka iye wọn láìwò ó dáadáa, yóò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo mọ̀ bó ṣe ń dunni, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Oníbàárà mi kan ní Ẹbúté ní kí n bá òun wá okùn. Mo pe ẹni tó ń tà á, mo sọ pé mọ́tò Ṣáínà ni, ihò méje. Ó ní méje ni tòun náà. Nígbà tí okùn dé, abo àti abo ni. Kò gbà á pa dà, owó ọ̀hún sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fi ẹnu ṣàpèjúwe fún ontajà mọ́. Mo máa ń ṣí ìdérí ojú ìgbaná mọ́tò lójú ọ̀sán, màá ya fọ́tò rẹ̀ gangan láti iwájú, màá sì ní kí ontajà ya fọ́tò orí okùn tirẹ̀ wá, kì í ṣe ti páálí tó wà nínú rẹ̀. Bí fọ́tò tèmi bá jẹ́ ihò, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pínnì. Bí tèmi bá jẹ́ pínnì, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ihò. Ìgbà tí mo bá rí i pé wọ́n bára mu ni mo tó ń sanwó.

Ẹ má sì fi orúkọ mọ́tò ṣe ẹ̀rí. BYD kan náà tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Ṣáínà máa ń ní ojú GB/T, èyí tí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí Yúróòpù á ní ojú Táìpù 2. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe mọ́tò fún ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Èyí ló fà á tí mọ́tò méjì tó jọra fi lè dúró sí àgbàlá kan ní Ìkòròdú, tí okùn ọ̀kan kò sì ní wúlò fún èkejì.

Okùn tí ẹ ti rà kò tíì di ìdọ̀tí. Ádápítọ̀ wà tó ń gba Táìpù 2 lẹ́yìn, tí iwájú rẹ̀ sì jẹ́ GB/T. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún iná AC, ìyẹn iná ilé, ìdí rẹ̀ sì yéni. Nínú pínnì márùn-ún tó tóbi, mẹ́ta là ń lò fún iná ilé lásán: wáyà iná, wáyà nútírà àti wáyà ilẹ̀. Méjì tó ṣẹ́ kù wà fún ilé tó ní iná ojú mẹ́ta. Méjì kéékèèké ni ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ọ̀kan ń sọ fún mọ́tò pé orí okùn ti wọlé tán. Èkejì ń sọ iye áńpíà tí mọ́tò lè fà: iná kékeré kan ló ń tàn, tó sì ń kú, ní ìgbà 1000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó lórí títàn ni mọ́tò fi ń mọ iye náà. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún túmọ̀ sí áńpíà 6. Ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kejì yìí bára mu ní Ṣáínà àti ní Yúróòpù. Torí náà ádápítọ̀ AC kò nílò ọgbọ́n kankan nínú: irin tó ń so wáyà mọ́ wáyà ni, pẹ̀lú ohun kékeré tó ń jẹ́ kí mọ́tò mọ̀ pé okùn ti wọlé. Ẹ kàn rí i pé áńpíà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò kéré sí ti okùn. Bí mo bá jẹ́ yín, tí ẹni tó ta okùn bá gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, màá gba GB/T gangan, torí ibi tí nǹkan méjì ti so pọ̀ ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nílé, ẹ kì í gba iná ju èyí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ áńpíà 13, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún iṣẹ́ àṣemọ́jú. Ẹ jẹ́ kí àpótí kékeré tó wà lára okùn náà wà lórí áńpíà 10. Ní fóòtì 230, ìyẹn jẹ́ kìlówáàtì 2.3. Ká ní bátìrì yín gba kìlówáàtì-wákàtí 30, tí ó sì ku ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, 24 lẹ fẹ́ dá pa dà. Díẹ̀ máa ń ṣòfò lọ́nà, ẹ jẹ́ ká pè é ní 26. Bí ẹ bá fi 2.3 pín in, wákàtí mọ́kànlá ó lé díẹ̀ ni. Bí fóòtì bá wálẹ̀ sí 190 lálẹ́, tí a ń rí ládùúgbò wa nígbà mìíràn, yóò ju wákàtí mẹ́tàlá lọ. Lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ kan pílọ́ọ̀gì náà. Bí ó bá ń jó yín lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́, kí oníná wá pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ohun mìíràn tó lè mú yín rò pé okùn kò bá mọ́tò mu ni iná pupa lórí àpótí rẹ̀. Bí orí okùn bá wọlé geere ṣùgbọ́n tí iná pupa ń tàn, lọ́pọ̀ ìgbà wáyà ilẹ̀ ni kò sí. Àpótí náà ń yẹ ilẹ̀ wò kó tó tú iná sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé wa ni wọn kò sì ri irin ilẹ̀ mọ́ fún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń fa irú èyí, torí nútírà rẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ilé ni kí ẹ pè. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun á tan àpótí náà jẹ, torí ẹ̀mí ẹni tó bá fọwọ́ kan mọ́tò yẹn ni ó ń dáàbò bò.

Ti Ìbàdàn ló le jù. Ibùdó tó ń ṣáàjì kíá kì í lo iná AC. Iná DC ni wọ́n ń rán tààrà sínú bátìrì, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti di gidi. Ojú DC ti Ṣáínà dá dúró lọ́tọ̀, ó tóbi, ihò mẹ́sàn-án ló ní. Ẹ wo mọ́tò yín, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní méje tàbí lábẹ́ ìdérí mìíràn. Ti Yúróòpù, tí wọ́n ń kọ ní CCS2, orí Táìpù 2 ni tí wọ́n so pínnì ńlá méjì mọ́ nísàlẹ̀. Èdè tí ṣájà àti mọ́tò ń bára wọn sọ yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà ádápítọ̀ tó ń so CCS2 pọ̀ mọ́ GB/T gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ nínú, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ní iná tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi èyí tó fúyẹ́, tí kò ju irin àti rọ́bà lọ, hàn yín pé ti DC ni, ẹ má gbé e. Èyí tó jẹ́ ojúlówó pàápàá kì í bá gbogbo ṣájà sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó kúrò ní Ìkòròdú, ẹ pe ibùdó tí ẹ ń lọ, ẹ bi wọ́n ní nǹkan méjì: ṣé AC ni àbí DC, àti pé kí wọ́n ya fọ́tò orí okùn wọn ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ AC Táìpù 2, ádápítọ̀ yín tó. Bí ó bá jẹ́ CCS2 nìkan, ẹ ṣe ìrìn náà bíi pé kò sí ṣájà lọ́nà: ẹ kún un nílé, ẹ mú okùn sọ́kẹ́ẹ̀tì yín dání, kí ẹ sì sùn níbi tí ẹ ti lè so ó mọ́jú.

Ìbéèrè: Tèmi láti Amẹ́ríkà ni, pínnì márùn-ún, okùn rẹ̀ bá a wá. Ṣé n lè fi ádápítọ̀ ìrìnàjò kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé mi ní Ìjẹdè?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpótí okùn náà. Bí `INPUT` bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má kì í bọ̀ ọ́, torí 230 wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, àpótí náà á jóná. Bí ẹ bá rí 100-240V àti 50/60Hz, a jẹ́ pé ó lè gba iná wa, ṣùgbọ́n pílọ́ọ̀gì tiwa gan-an ni kí oníná fi sí i, kì í ṣe ádápítọ̀ ìrìnàjò tó ń yọ́. Mọ́tò fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro pẹ̀lú 230, torí àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń so ó mọ́ 240 nílé wọn. Táìpù 1 ni wọ́n ń pe pínnì márùn-ún yẹn. Ẹ wá àpótí tí wọ́n ṣe fún fóòtì 230, tí orí rẹ̀ jẹ́ Táìpù 1, kí ẹ sì fi áńpíà rẹ̀ sórí 10 bí mo ṣe sọ lókè.