Owó ńlá kọ́ ló ń mú oníbàárà pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá

Ẹni tó bá ń wo sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù àwọn oníṣòwò Adó-Èkìtì yóò ti rí irú ìkéde yìí: "Mú ọ̀rẹ́ kan wá, gba ₦2,000 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀!" Lẹ́tà gàdàgbà, àwòrán owó lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí ẹni tó gbé e síta gbà gbọ́ ni pé bí owó náà bá ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà òun yóò ṣe máa kó ènìyàn wá. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó di ₦3,000. Ìgbàgbọ́ yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ pípe ọ̀rẹ́ wá sídìí ọjà, òun náà ló sì ń tú àpò oníṣòwò kékeré jù.

Ní 2007, àwọn olùwádìí nípa ọjà títà kan gbé àbájáde ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀bùn bá wà nílẹ̀, ó máa ń wu ènìyàn láti júwe ọjà fún ẹlòmíràn ju ìgbà tí kò bá sí ẹ̀bùn rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ẹ̀bùn náà di ńlá, ìyẹn ò mú kí àwọn ènìyàn júwe ọjà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún kíyè sí ẹni tí ẹ̀bùn ń bọ́ sí lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láàárín àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn, tàbí tí ọjà náà kò tíì lórúkọ, ó dáa kí ẹni tó júwe rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ó ṣiṣẹ́ jù kí ẹni tí wọ́n júwe ọjà fún rí nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sí Èkìtì mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé e. Ta ni oníbàárà ń pè wá? Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìjọba ni, tàbí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́. Bí ₦2,000 bá wọ àpò tèmi, tí ìwọ tí mo pè kò rí kọ́bọ̀, ọjọ́ tí o bá gbọ́ ni wàá bi mí pé, "Àṣé orí mi lo fi pa owó?" Ojú á tì mí. Kí irú ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn ọjà yín dénú ni yóò ka ìkéde yín tí yóò sì rọra kọjá. Àwọn tó máa dáhùn kíákíá ni àwọn tí ojú kì í tì, wọn kì í sì í ṣe àwọn tí ọ̀rẹ́ wọn máa ń gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Ẹ má gbàgbé MMM. Wọ́n ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù, ẹni tó bá sì mú ènìyàn wá ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n ti àkáǹtì gbogbo ènìyàn pa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pe ará ilé wọn sínú rẹ̀ ni àwọn ará ilé ọ̀hún bínú sí, kì í ṣe àwọn tó dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí owó ńlá bá ti so mọ́ "mú ènìyàn wá," ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí ọkàn ẹni tí wọ́n pè ni pé kí ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀bùn tí ẹ rò pé yóò fa ènìyàn mọ́ra ti di ohun ìfura.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá onígáàsì kan ní ọ̀nà Ìwórokò ṣe àpẹẹrẹ, nítorí èrè orí gáàsì ìdáná kò pọ̀, àṣìṣe kì í sì í pẹ́ hàn nínú rẹ̀. Ká ní kílò kan dúró fún un ní ₦1,000, tó kó owó ọkọ̀, owó jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọ iṣẹ́ pọ̀, tó sì ń tà á ní ₦1,120. Èrè ₦120 nìyẹn lórí kílò kan. Ẹni tó bá rọ kílò 6 fi ₦720 sílẹ̀ fún un. Ó wá kéde pé ẹni tó bá mú ọ̀rẹ́ wá yóò gba ₦2,000. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ náà bá kọ́kọ́ ra gáàsì, ìyá yìí ti jìn sí gbèsè ₦1,280. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí onítọ̀hún bá rọ gáàsì kí èrè tó bo owó ẹ̀bùn náà, bí kílò 6 bá sì ń lò tó oṣù kan nílé rẹ̀, oṣù mẹ́ta ló ń lọ yẹn.

Gbogbo wọn kọ́ ló sì máa dúró. Ká ní ènìyàn 10 wá, kí 6 nínú wọn má padà wá mọ́, kí 4 sì máa rọ kílò 6 lóṣooṣù. Ẹ̀bùn gba ₦20,000. Èrè ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ₦7,200. Àwọn 4 tó dúró mú ₦5,760 wá ní oṣù méjì tó tẹ̀lé e. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦12,960, ó sì ku ₦7,040 tí ìyá náà fi pàdánù. Kò ní rí orí owó náà títí di oṣù kẹfà, ìyẹn bí àwọn ọmọ Yunifásítì Èkìtì tó wà lára wọn kò bá tíì gba ìsinmi lọ sílé.

Ẹ wá jẹ́ kó ṣe é ní ọ̀nà èènì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà Ọba látijọ́. Ìdajì kílò fún ẹni tuntun, ìdajì kílò fún ẹni tó júwe. Ní iye tó ń ta gáàsì, ₦560 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,120 fún àwọn méjèèjì. Ènìyàn 10 kan náà yóò ná an ní ₦11,200, lópin oṣù mẹ́ta ó sì ti jèrè ₦1,760. Ohun tó tún dáa ńbẹ̀ ni pé ẹni tó júwe kò lè fi èènì rẹ̀ ra káàdì fóònù. Ó di dandan kó padà wá rọ gáàsì kí ó tó gbà á.

Ọ̀kan wà níbí tí ẹni tí kò bá ta gáàsì rí lè má mọ̀. Èènì gáàsì kì í ṣe ohun tí a ń rọ lé sìlíńdà tó ti kún lórí. A máa ń fi àyè sílẹ̀ lókè inú sìlíńdà, bí ìdá kan nínú márùn-ún, kí gáàsì lè ráyè wú bí ooru bá mú un. Sìlíńdà kílò 6 tó ti gba kílò 6 kò gbọ́dọ̀ gba ìdajì sí i, ewu iná ni. Nítorí náà, owó ni kí ẹ yọ: kó san owó kílò 5 àti ààbọ̀, kó sì gba kílò 6 kó máa lọ.

Bí èmi bá jẹ́ ìyá yìí, ohun tí mo máa kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Bí ẹ bá júwe wa fún ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò tí kò ra gáàsì lọ́wọ́ wa rí, a ó yọ owó ìdajì kílò fún un lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin náà yóò gba ìdajì kílò yín nígbà tí ẹ bá tún wá rọ gáàsì. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra tó kílò 5, ó kéré tán. Kí ó kàn dárúkọ yín níbi òṣùwọ̀n. Ẹnì kan lè júwe ènìyàn 5, ó parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà."

Ẹ kíyè sí i pé èènì ọ̀rẹ́ ló ṣáájú. Ìyẹn ló ń fún oníbàárà ní ẹnu láti sọ̀rọ̀: "Lọ síbẹ̀, wọ́n á yọ nǹkan fún ọ." Kílò 5 wà ńbẹ̀ nítorí pé èrè rẹ̀ jẹ́ ₦600, ó ju ₦560 tí èènì ń ná ìyá náà lọ. Ẹni tó bá wá ra kílò 2 torí èènì yóò kó o sí gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sọ pé kí oníbàárà fi nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ lè máa pè wọ́n. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti 2023, fẹ́ kí ẹni tó ni nọ́ńbà mọ̀ sí i, ó sì máa ń bí ènìyàn nínú. Kí ọ̀rẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹ má sì ṣe fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan lórí ọ̀rẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú wá, ọ̀nà MMM nìyẹn.

Àwọn kan á ní, "PayPal ńkọ́?" Lóòótọ́ ni, ní nǹkan bí ọdún 2000, PayPal, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fún ẹni tuntun ní dọ́là 10, ó ń fún ẹni tó pè é wá ní dọ́là 10, ó sì gbilẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n owó àwọn olùdókòwò ni wọ́n ń ná, wọ́n sì dín in kù nígbà tó yá. Dropbox, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn tọ́jú fáìlì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó tẹ̀lé ọ̀nà yẹn kò fún ẹnikẹ́ni lówó. Àyè ìpamọ́ ló fún àwọn méjèèjì, ọjà tirẹ̀ gan-an. Ìyá onígáàsì kò ní olùdókòwò, ó ní òṣùwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀.

Ìwé yẹn ló máa gbà á lọ́wọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Owó ńlá ló máa ń pè wọ́n jù, ṣùgbọ́n èènì náà ní tirẹ̀. Ọkọ á júwe ìyàwó tí wọ́n jọ ń lo sìlíńdà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi láìnì mẹ́ta wá. Ọmọ iṣẹ́ tó lójú á rí i pé sìlíńdà aláwọ̀ ewé tó dá ní etí ni wọ́n gbé wá lánàá, òun náà ni wọ́n tún gbé wá lónìí, ọwọ́ tó gbé e ló yàtọ̀. Àmì mìíràn ni pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo á so mọ́ ẹni tuntun mẹ́rin lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn á sì ra kílò 5 géérégé, kò ní lé kò ní dín. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù, ọjọ́, iye kílò, àti orúkọ ẹni tó júwe. Ẹ máa bi ẹni tuntun pé "Ta ló júwe wa fún yín?" kí ẹ tó mẹ́nu ba èènì rárá, nítorí ẹni tó bá ti gbọ́ nípa èènì kò ní ṣaláìrí orúkọ dá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ó ṣí ìwé náà kó ka àwọn tó rọ gáàsì lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọn kò bá tó ìdajì, kó má fi owó kún èènì o. Kó lọ wo òṣùwọ̀n rẹ̀ bóyá ó péye, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò padà wá bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn.