Kì í Ṣe Géèmù Ló Jẹ Dátà Yín

Kí ẹ tó tún gbé fóònù wá bá mi pé géèmù ti jẹ gíìgì márùn-ún tán láàárín ọjọ́ méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Settings, kí ẹ wo Data usage. Lọ́pọ̀ ìgbà, géèmù tí ẹ ń fẹ̀sùn kàn á wà nísàlẹ̀ pátápátá, fídíò tí ẹ ń wò kiri ló máa wà lókè.

Pápá, ilé, ìbọn, gbogbo ohun tí ẹ ń rí nínú géèmù ti wà nínú fóònù yín tẹ́lẹ̀. Ìròyìn kúkúrú ló ń lọ tó ń bọ̀: ibí ni mo wà, mo yà sọ́tùn-ún, mo yìnbọn. Ẹ jẹ́ ká mú géèmù kan tó ń fi ìròyìn 30 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì ń gba 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 100. Báìtì 6,000 nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú 10, kò tó MB 4. Ní wákàtí kan, bíi MB 22. Bí èrò bá pọ̀ nínú géèmù, tàbí tí ẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀, ó lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Àpúdéètì ló ń jẹ dátà, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè gba odidi gíìgì kan. Ẹ dúró de wáífáì. Ó tán.

Láàgì lọ̀rọ̀ mi gan-an. "Ẹ̀gbọ́n, mo ra gíìgì 20, kí ló dé tó ṣì ń fà?" Kí ni iye tẹ́ ẹ rà fẹ́ ṣe sí i? Géèmù kò bèèrè ju kí ìròyìn máa dé déédéé. Bí píngì, ìyẹn àkókò tí ìròyìn fi ń lọ tó fi ń bọ̀, bá jẹ́ 90 ms nígbà gbogbo, ọwọ́ yín á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá ṣàdédé di 1,200, ọ̀tá yín á dúró bí ère, lójijì á ti wà lẹ́yìn yín. Níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì kò ti lágbára, ìròyìn kan á bàjẹ́ lójú ọ̀nà, fóònù àti òpó nẹ́tíwọọ̀kì á tún un rán. Àwọn tó tẹ̀ lé e á dúró dè é, gbogbo wọn á wá ya dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ rèé: àwọn igi kéékèèké tó ń fi nẹ́tíwọọ̀kì hàn lókè fóònù, bí ẹ ṣe ń gbọ́ òpó ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ bí òpó ṣe ń gbọ́ yín. Òpó ní iná àti eríálì ńlá; agbára tí fóònù yín fi ń dá a lóhùn kì í sábà ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá jìnnà sí òpó, ọ̀nà ìránṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń fún. Ká ní ó kù sí KB 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí Google Photos bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò MB 3 lọ, ìṣẹ́jú 2 gbáko ni yóò fi gbà á. Bí KB 25 péré nínú fọ́tò yẹn bá ṣáájú ìròyìn géèmù yín lórí ìlà, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ nìyẹn. Ọ̀kadà ti há sẹ́yìn tírélà lórí afárá tóóró.

Ẹ so kọ̀ǹpútà Windows mọ́ hotspot fóònù yín, kí ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

```
ping -t 8.8.8.8
```

Ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí ẹ wá fi fídíò ránṣẹ́ lórí Wàtsáàpù. Bí nọ́ńbà tó wà níwájú "time" bá fò sókè, tó sì wálẹ̀ nígbà tí fídíò lọ tán, ẹ ti mú olè. Ẹ pa Backup kí ẹ tó ta géèmù. Bó bá ń fò láìsí ohun tó ń lọ, nẹ́tíwọọ̀kì ni: ẹ sún mọ́ fèrèsé. Bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èrò ti pọ̀ lórí òpó yín, ẹ yí àsìkò padà.

Àwọn tó ń ta ápù "adínpíngìkù" wá ńkọ́? Ápù wo ló lè gbé òpó sún mọ́ ilé yín? Màmá kan gbé fóònù wá lọ́dún tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ni ẹnì kan fi fáìlì APK ránṣẹ́ sí lórí Telegram, pé kò ní láàgì mọ́ láé. Ápù náà bèèrè Accessibility, ìyẹn àṣẹ láti máa rí ohun tó wà lójú fóònù kó sì máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ọmọ tẹ Allow. Ó tún ní kó jẹ́ kí òun máa ka SMS, ó tún tẹ̀ ẹ́. Píngì ò kúrò níbi tó wà. Lóru ọjọ́ kejì, owó ọjà màmá náà jáde ní báńkì, kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́ kò sì fara hàn lórí fóònù rárá, torí ápù náà ti kà á, ó ti pa á rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ irú Allow bẹ́ẹ̀ rí, kó pa dátà àti wáífáì báyìí, kó yọ ápù náà, kó sì fi fóònù ẹlòmíì pe báńkì kó tó tún tan dátà tirẹ̀.