Bí Oògùn Ìgbẹ́ Rírọ̀ Ṣe Dé Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ẹni tí ó bá ti ṣètọ́jú aláìsàn ọkàn tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní Ìkòròdú yóò mọ oògùn kékeré kan tí wọ́n máa ń fi kún oògùn ìrora, tí nọ́ọ̀sì yóò sọ pé kí ó má baà máa fi ipá yàgbẹ́ ni. Dọ́kúséètì ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó bí àṣà náà, pé fífi ipá yàgbẹ́ lè ṣe ọkàn ní jàǹbá, ti wà kí oògùn náà tó dé, orí ibùsùn ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1912, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, James Herrick, ṣàlàyé pé ènìyàn lè yè bọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn. Láti ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsinmi pátápátá ni wọ́n ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀: yóò dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, yóò máa gba mọfíìnì fún ìrora, yóò sì máa jẹ oúnjẹ díẹ̀. Gbogbo èyí ni í mú ìgbẹ́ le. Orí póò, lórí ibùsùn, ni yóò sì ti yà á, níbi tí ìjókòó kò ti gún.

Ẹni tí ó bá ń fi ipá yàgbẹ́ a dá èémí dúró, a sì fún ikùn. Agbára tí ó ń tẹ inú àyà yóò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń padà sínú ọkàn yóò dín kù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Bí ó bá mí kanlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò ya wọlé, ìfúnpá yóò fò sókè, ọkàn yóò sì máa lù jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ara tí ó le a gbà á mọ́ra. Ọkàn tí apá kan iṣan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè ṣi ìlù lù.

Ní 1950, àwọn olùwádìí wọn agbára tí aláìsàn ń lò, wọ́n sì rí i pé póò orí ibùsùn ń náni ju àga ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn lọ. Ní 1952, àwọn dókítà ọkàn Levine àti Lown dá a lábàá pé kí aláìsàn ọkàn tètè máa jókòó lórí àga. Lójú tèmi, àga yẹn ni ìtọ́jú ìgbẹ́ tó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ oògùn.

Dọ́kúséètì fúnra rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà. Wọ́n ti ń tà á bí ohun tí ń mú kí omi tètè wọ inú nǹkan bí aṣọ, kí àwọn olùwádìí Wilson àti Dickinson tó kọ̀wé ní 1955 nípa lílò rẹ̀ fún àìrígbẹ́yà tó le. Bí ọṣẹ ti í jẹ́ kí omi wọnú ìdọ̀tí ni wọ́n rò pé yóò jẹ́ kí omi wọnú ìgbẹ́. Kò mú ẹ̀rọ kankan lára ìfun ṣiṣẹ́. Ìgbẹ́ nìkan ni ó dojú kọ.

Ibẹ̀ ni ààlà rẹ̀ wà. Oògùn ìrora bíi tramadọ́ọ̀lù àti kodíìnì ń mú kí ìfun máa rìn jẹ́jẹ́, dọ́kúséètì kò sì lè tì í. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n fi dọ́kúséètì kún sẹ́nà, oògùn ìgbẹ́ tí ń mú ìfun ṣiṣẹ́, fún àwọn aláìsàn tó sún mọ́ òpin ayé wọn ní Kánádà. Kò ṣe ju oògùn òfìfo, tí kò ní agbára kankan nínú, tí wọ́n fi kún sẹ́nà fún àwọn yòókù lọ.

Bàbá kan ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún, ń lo tramadọ́ọ̀lù àti dọ́kúséètì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omi ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ sára aṣọ rẹ̀, àwọn ọmọ sì dá dọ́kúséètì dúró, wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì tó wá wẹ ojú ọgbẹ́ ni ó bi í pé, "Bàbá, ẹ dákun, ìgbà wo ni ẹ yàgbẹ́ gidi kẹ́yìn?" Kò tíì yà á láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ìgbẹ́ líle ló dí ìdí rẹ̀, omi ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ní ọsibítù, dókítà yọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi parasitamọ́ọ̀lù rọ́pò tramadọ́ọ̀lù, ó sì fún un ní lákítúlóòsì, tó ń fa omi sínú ìfun, àti sẹ́nà ní alẹ́, tó ń mú kí ìfun máa fún ara rẹ̀, tí a sì sábà máa ń rí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 12.

Fún ẹni tó ní àrùn ọkàn, kì í ṣe ará ilé ni yóò fi ìka yọ ìgbẹ́, nítorí ìyẹn pẹ̀lú lè mú kí ọkàn lù jẹ́jẹ́ jù. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ó bá ń fani nínú lè gbọ́n omi àti iyọ̀ potasíọ̀mù lára, pàápàá fún ẹni tí ń lo oògùn tí ń mú kí ó máa tọ̀, ìyẹn sì lè da ìlù ọkàn rú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí dókítà ti fi ìwọ̀n sí omi tí yóò máa mu kò gbọdọ̀ fi omi púpọ̀ wá ìgbẹ́ rírọ̀ láìbéèrè. Bí ikùn bá wú, tí kò sì lè só mọ́, tí èébì bá tẹ̀lé e, kí wọ́n má fún un ní oògùn ìgbẹ́ kankan; ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ.