Àkọlé gààrí Ìjẹ̀bú lórí ọjà ayélujára: ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá a ni kí ẹ kọ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yan gààrí ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń gbé ọjà wọn sórí Jumia tàbí Amazon báyìí. Nínú àkọlé, orúkọ ilé iṣẹ́ wọn ni wọ́n máa ń fi ṣáájú, wọn á wá to "Premium", "Original" àti "Best Quality" tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ yẹn rí kò lè tẹ̀ ẹ́, ẹni tí gààrí sì ń wù ú mu kì í tẹ "Premium". Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń lò láti mọ ọjà tó yẹ kó gbé jáde ni ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀.

Ẹ lè rí àwọn ọ̀rọ̀ náà láìná kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jáde nínú àkántì yín, torí ohun tí ẹ ti wá tẹ́lẹ̀ lè yí ohun tí ẹ̀rọ máa dábàá padà. Ẹ tẹ "garri" síbi tí wọ́n ti ń wá ọjà, ẹ má tíì jẹ́ kó wá a, ẹ wo àwọn gbólóhùn tó yọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ "garri i", "garri w", "ijebu g", àti "gari" tó ní r kan ṣoṣo, nítorí bí àwọn ará Gánà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ wá lọ ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ sábẹ́ gààrí ẹlòmíì. Níbẹ̀ lẹ máa rí i bóyá iyanrìn ló ń bí wọn nínú, àbí kò kan tó.

Ẹ má ṣe kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú àkọlé. Bí ẹ bá fi "yellow" kún un, ẹni tó ń wá gààrí elépo ló máa ṣí ojú ewé yín, á sì padà láìrà. Bí ẹ bá fi "eba" síwájú, ẹ lè ta fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ̀bà kíkan, kó wá kọ ẹjọ́ sábẹ́ ọjà yín. Ní tèmi, ẹjọ́ yẹn burú ju kí ẹ má tà lọ, torí pé ibẹ̀ ló máa wà tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa bá a.

Ẹ wo àkọlé yìí:

```
Ijebu Garri 2kg, Sour White Garri, Fine Dry Cassava Flakes
```

Lẹ́tà àti àlàfo inú rẹ̀ jẹ́ 58. eBay ò gbà ju 80 lọ, Etsy gba 140. Orúkọ ọjà àti ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣáájú, torí ojú fóònù kéré, ó sì máa ń gé ìparí àkọlé. "Cassava Flakes" wà fún ẹni tí kò mọ gààrí rárá. Kò sí àmì ohùn nínú rẹ̀ torí oníbàárà kì í tẹ̀ ẹ́. Lórí Amazon, àwọn ọ̀rọ̀ ìwákiri tí ẹ máa kọ fún ẹ̀rọ nìkan, tí oníbàárà kì í rí, kò gbọ́dọ̀ tó 250 báìtì, "Ìjẹ̀bú" tó lámì sì ń jẹ báìtì 11 níbi tí "Ijebu" ti ń jẹ 5. Inú àlàyé ọjà ni kí ẹ kọ èyí tó lámì sí.

Nínú àlàyé náà, ẹ dáhùn ohun tí wọ́n ń bèèrè: ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ fi kan, ṣé ẹ sẹ́ ẹ, ṣé epo wà nínú rẹ̀, ìgbà wo lẹ yan án. Kílò ni kí ẹ fi sọ ìwọ̀n. Kóńgò ẹnìkan máa ń kún ju ti ẹlòmíì lọ, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ kóńgò, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ná, kí ẹ kọ iye kílò rẹ̀. Ẹ má ka ìwúwo àpò mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo iye ìgbà tí ọjà yọ lójú ènìyàn, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti iye tí wọ́n rà. Bí kò bá yọ, ọ̀rọ̀ àkọlé ni kò bá ti oníbàárà mu, tàbí ẹ ti gbé e sí ìsọ̀rí tí kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá ń yọ tí wọn ò tẹ̀ ẹ́, ẹ wo àwòrán, owó, àti ọ̀rọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ tí wọn ò rà á, àlàyé ni kò tó, tàbí kí ọ̀rọ̀ kan máa fa ẹni tí kì í ṣe oníbàárà yín wọlé. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.