Ẹnì kan ló ṣẹ̀, èrò rẹpẹtẹ ló ń jìyà: àdírẹ́sì IP tí àwọn onífóònù jọ ń lò

Ìbéèrè: Ẹnì kan ń dán ọ̀rọ̀-ìwọlé wò léraléra lórí ìkànnì wa, mo bá dènà àdírẹ́sì IP rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè pé ìkànnì ò ṣí fún àwọn mọ́. Ẹni yẹn gan-an sì ti padà dé. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àdírẹ́sì tí ẹ dènà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ilé-iṣẹ́ fóònù ló ni ín, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì ń gba ibẹ̀ jáde, bí ará agboolé ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kan. CGNAT lorúkọ ètò náà. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó wà láyé kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, ìpín tó kù nínú àpò àpapọ̀ sì tán ní oṣù Kejì 2011. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ náà ń fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì abẹ́lé, bóyá èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí èyí tó wà nínú 100.64.0.0/10, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 2012. Bí fóònù bá fẹ́ jáde, ẹ̀rọ CGNAT á yọ àdírẹ́sì abẹ́lé kúrò, á fi ti ìta rọ́pò rẹ̀.

Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ fóònù tí èsì yóò padà sí. Pọ́ọ̀tù 65,536 ló wà lórí àdírẹ́sì kan. Bí a bá fi 1,024 àkọ́kọ́ sílẹ̀, 64,512 ló kù. Ká ní oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń gba 504, èèyàn 128 ni yóò jọ wà lórí àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ mìíràn lè pín in kéré tàbí pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá rí i: ẹnì kan lẹ fẹ́ tì síta, 127 yòókù bá a lọ. Òun ní tirẹ̀ kàn pa dátà, ó tún un tàn, ó sì lè bọ́ sórí àdírẹ́sì mìíràn. Bí inú bá bí yín tí ẹ dènà gbogbo /24, àdírẹ́sì 256 nìyẹn. Nínú ìṣirò wa yìí, èèyàn 32,768 ni.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe lè dá irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ wo àkọsílẹ̀ sáfà. Bí àkáǹtì púpọ̀, lórí oríṣiríṣi fóònù, bá ń wọlé láti àdírẹ́sì kan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ CGNAT.

Ìbéèrè: Kí ni ká ṣe dípò ìdènà?

Ìdáhùn: Àkáǹtì ni kí ẹ máa ka àṣìṣe sí lọ́rùn, kì í ṣe àdírẹ́sì. Ìgbìyànjú márùn-ún tó kùnà lórí àkáǹtì kan, ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n wà tó máa ń dán ọ̀rọ̀-ìwọlé kan ṣoṣo wò lórí ẹgbẹ̀rún àkáǹtì, kíkà yìí ò sì ní mú un. Nítorí tirẹ̀ ni ẹ fi gbọ́dọ̀ fi òdiwọ̀n kan sórí àdírẹ́sì náà, kó ga díẹ̀, kó sì jẹ́ pé ìdánwò tí èèyàn lè yege ni yóò gbé jáde, kì í ṣe ìlẹ̀kùn títì.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pọ́ọ̀tù. Ẹ jẹ́ kí sáfà máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí nginx:

```
log_format cgn '$time_iso8601 $remote_addr:$remote_port "$request" $status';
access_log /var/log/nginx/access.log cgn;
```

Ká ní ohun tó jáde ni 203.0.113.7:18240. Nínú ìpín onípọ́ọ̀tù 504 tá a ṣe lókè, ẹni karùndínlógójì ló ni pọ́ọ̀tù 18160 dé 18663, nítorí náà ilé-iṣẹ́ fóònù lè tọ́ka sí i bí ẹ bá fẹjọ́ sùn. Láìsí pọ́ọ̀tù, èèyàn 128 ni wọ́n máa rí. Àkókò náà gbọ́dọ̀ péye dé ìṣẹ́jú àáyá, torí àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń gba pọ́ọ̀tù padà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó tán, wọ́n á fún ẹlòmíì. Bí sáfà alágbàṣe bá sì wà níwájú tiyín, pọ́ọ̀tù tirẹ̀ lẹ máa rí. Òun gan-an ni kó bá yín kọ ti oníbàárà sílẹ̀.

Ti IPv6 yàtọ̀. Níbẹ̀, fóònù kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba odidi /64 tirẹ̀, ó sì lè máa pààrọ̀ àdírẹ́sì nínú rẹ̀ bó ṣe wù ú. /64 náà ni kí ẹ dènà, kò ní kan ọ̀pọ̀ èèyàn bíi ti IPv4.