Gbàǹjo alápòòwé: sísan iye tirẹ̀ àti sísan iye ẹnìkejì

Gbàǹjo alápòòwé ni ọjà títà tí olúkúlùkù oníbàárà ti ń kọ iye tí ó ná ọjà sínú ìwé, tí ó sì ń lẹ̀ ẹ́ pa títí a ó fi tú gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ẹni tí iye tirẹ̀ ga jù ló ń gbé ọjà lọ. Nínú oríṣi àkọ́kọ́, iye tó kọ ni yóò san. Nínú oríṣi kejì, iye tí ẹni tó tẹ̀ lé e kọ ni yóò san. William Vickrey, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣe àlàyé ìjìnlẹ̀ lórí méjèèjì ní 1961, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1996.

Ká ní ẹnìkan ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ lu ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ní gbàǹjo, tí ènìyàn mẹ́ta sì ń ná an. Ọ̀kan fẹ́ fi pẹja lórí ọ̀sà, ọ̀kan fẹ́ fi kó èrò, ẹ̀kẹta fẹ́ fi kó yanrìn. Kálukú mọ iye tí ọkọ̀ náà tó lọ́wọ́ òun. Ohun tó mọ̀ nípa àwọn yòókù kò ju pé tiwọn lè jẹ́ iye yòówù láti òdo dé ₦1,200,000.

Nínú oríṣi kejì, kí apẹja tí ọkọ̀ náà tó ₦900,000 lójú rẹ̀ kọ ₦900,000 gan-an ló dára jù. Bó bá kọ ₦1,000,000, tí ẹlòmíì sì kọ ₦950,000, yóò borí, ṣùgbọ́n yóò pàdánù ₦50,000. Bó bá kọ ₦800,000, tí ẹlòmíì sì kọ ₦850,000, èrè ₦50,000 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò nílò láti mọ èrò ẹnikẹ́ni.

Oríṣi àkọ́kọ́ ló gba ìṣirò. Bó bá kọ ₦900,000, kò ní jèrè kọ́bọ̀ bó tilẹ̀ borí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gé e kù. Ká ní àwọn méjì yòókù ń kọ ìdá méjì nínú mẹ́ta iye tí ọkọ̀ tó lójú wọn. Bí apẹja bá kọ ₦600,000, yóò borí ní nǹkan bí ìgbà 56 nínú 100, èrè ₦300,000 náà yóò sì jẹ́ ₦168,750 bí a bá pín in kárí ìgbà tó borí àti ìgbà tó pàdánù. Bó bá kọ ₦500,000, èrè náà á já sí ₦156,250. Bó bá sì kọ ₦700,000, á já sí ₦153,125. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló pé e jù. Bí olùdíje bá jẹ́ méjì péré, ìdajì ni. Bí wọ́n bá pọ̀ sí i, gígé náà á máa kéré sí i.

Èwo ló pé ọlọ́jà? Bí a bá pín in kárí ọ̀pọ̀ gbàǹjo, méjèèjì dọ́gba: ₦600,000 ni níbí. Ní gbàǹjo kan ṣoṣo wọ́n lè jìnnà síra. Bí ọkọ̀ bá tó ₦990,000 lójú ẹnìkan àti ₦900,000 lójú ẹni tó tẹ̀ lé e, oríṣi àkọ́kọ́ mú ₦660,000 wá, oríṣi kejì mú ₦900,000.

Ìdọ́gba yìí kì í dúró níbi gbogbo. Ẹni tí ẹ̀rù pípàdánù ọjà ń bà kì í gé owó púpọ̀, èyí sì máa ń mú kí oríṣi àkọ́kọ́ pé ọlọ́jà ju èkejì lọ. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo wọn fẹ́ tún ọkọ̀ náà tà ni, iye kan náà ni wọ́n jọ ń méfò, ìṣirò òkè yìí kò sì bá a mu mọ́. Nínú oríṣi kejì, ọlọ́jà aláìṣòótọ́ lè fi àpòòwé èké kan sí i láti gbé iye kejì sókè. Ewu mìíràn ni kí olùdíje má pọ̀: nígbà tí ìjọba New Zealand lo oríṣi kejì láti ta ẹ̀tọ́ ìgbì rédíò ní 1990, iléeṣẹ́ kan tó kọ dọ́là 100,000 ti ilẹ̀ náà san dọ́là 6 péré, nítorí wọn kò fi iye tí wọn kò ní tà kọjá sísàlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.