Ògiri tó ń fa omi látilẹ̀: bá a ṣe ń mọ ohun tó fà á, àti àtúnṣe tó máa pẹ́

Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àyíká ẹ̀ ló máa ń gba ọ̀dà tuntun, torí àwọn ọmọ ń bọ̀ wálé. Tó bá máa fi di ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri á ti wú, pílásítà ẹ̀ á máa yẹ̀ dànù, gbogbo ilé á ní ọ̀dà yẹn ló jẹ́ ayédèrú. Ọ̀dà yẹn ò ṣẹ̀ rárá o. Ògiri ló ń fa omi látinú ilẹ̀, owó táwọn èèyàn wa sì ń dà sórí ọ̀dà lọ́dọọdún láìwo ibi tí omi ti ń wá máa ń dùn mí gan-an.

Ògiri kankan ò dí pinpin, amọ̀ ni o, búlọ́ọ̀kù ni o, ó ní ihò tíntìntín nínú, ihò yẹn sì ni omi ilẹ̀ ń gbà gòkè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Ilé ìsinsìnyí, tí biríkìlà bá mọṣẹ́, wọ́n á tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀, kí omi má rí ọ̀nà. Ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa ò ní náílọ́ọ̀nù kankan, àmọ́ wọ́n dúró, wọ́n sì gbẹ, torí pé bí omi ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń gbà á lára ògiri, ibi tí èyí tó ń wọlé bá ti dọ́gba pẹ̀lú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ó lè jẹ́ fíìtì kan, ó lè jẹ́ fíìtì mẹ́ta, kì í sábà ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Ìgbà tá a wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀, tá a kun ọ̀dà olóròóró lé e, tàbí tá a lẹ táìsì mọ́ ọn ńkọ́? Omi ò lè jáde níbi tó ti ń jáde tẹ́lẹ̀ mọ́, ló bá ń gun òkè lọ títí á fi rí ibi tí kò dí. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i pé wọ́n lẹ táìsì dé ìdajì ògiri kó lè bo ọ̀rinrin, kò pẹ́ ọ̀rinrin náà á yọ lókè táìsì.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn rí ògiri tó tutù nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ sọ pé ilẹ̀ ló fà á. Tí páìpù bá ń jò nínú ògiri tàbí sókàwéè wà nítòsí, ojú kan ló máa ń tutù jù, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù tọ́yẹ́ bá dé. Tó bá jẹ́ òrùlé ló ń jò, òkè lẹ máa ti rí àmì ẹ̀. Èyí tó ń ti ilẹ̀ wá máa ń fa ìlà gbọọrọ lọ lára ògiri, ẹ máa rí lẹ́búlẹ́bú funfun lórí ìlà yẹn. Ẹ ha díẹ̀ sínú omi nínú ife kẹ́ ẹ sì rò ó, tó bá yòrò, iyọ̀ ni, omi ló kó o wá látinú ilẹ̀ àti látinú amọ̀. Tí kò bá yòrò, ó lè jẹ́ èbu tàbí ẹ̀fun ọ̀dà. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yàrá ló ń sọ ògiri di tútù, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn yíká kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi tó bá wà lójú náílọ́ọ̀nù tó kọjú sí yàrá, afẹ́fẹ́ yàrá ló ni ín, èyí tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀, látinú ògiri ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé kan ní Ìpérù ṣàlàyé. Ilé alámọ̀ ni, ògiri ẹ̀ nípọn tó fíìtì kan àbọ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ tinú tòde látọjọ́ pípẹ́. Biríkìlà tó kọ́kọ́ wò ó ní kí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n tún un rẹ́, kí wọ́n wá lẹ táìsì. Ẹ̀gbọ́n tó ni ilé ní kí n bá òun wò ó kóun tó náwó. A wọn ìlà ọ̀rinrin ní gbogbo ògiri, ohun tó sì là wá lójú nìyẹn: ògiri ẹ̀yìn tó kọjú sí àgbàlá, ìlà ẹ̀ wọ fíìtì mẹ́ta àbọ̀, èyí tó dá yàrá méjì sí méjì láàárín ilé, kò ju fíìtì kan lọ. Orí ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dúró sí o. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ nìkan ni, kí ló dé tí ọ̀kan fi ga ju èkejì tó bẹ́ẹ̀?

Ìta ni ìdáhùn wà. Wọ́n ti da kọ́ńkéré sí àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì lórí ara wọn, ó ti wá ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ ní ínṣì márùn-ún, ó sì dagẹ̀rẹ̀ sídìí ògiri. Òrùlé ò ní gọ́tà, gbogbo òjò ń ṣàn sórí kọ́ńkéré yẹn, ó ń padà sídìí ilé. Kò sí páìpù lápá ibẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n fọ́ kọ́ńkéré yẹn ní fíìtì méjì sídìí ògiri, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ ní ínṣì mẹ́fà, wọ́n wá jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé. Ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbẹ́ ẹ, ẹ má sì gbẹ́ kọjá ìdí ògiri, torí ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀ kì í jìn, ògiri lè là tàbí kó wó. Wọ́n gbé gọ́tà sórí òrùlé, omi ẹ̀ sì ń lọ sí gọ́tà títì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gé sìmẹ́ǹtì kúrò tinú tòde, títí dé fíìtì kan lókè ìlà ọ̀rinrin. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni wọ́n fi gbọn iyọ̀ dànù, wọn ò fi omi fọ̀ ọ́, torí omi á tún kó o wọlé ni. Pílásítà tó ti mu iyọ̀ gbọ́dọ̀ lọ pátápátá, iyọ̀ máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀, ògiri tó ti gbẹ ṣì máa tutù lójú tó bá wà níbẹ̀.

Ibi tó máa ń ṣòro fáwọn onílé ni sùúrù. Ògiri máa ń gbẹ ní nǹkan bí ínṣì kan lóṣù, torí náà èyí tó nípọn bẹ́ẹ̀ kò lè gbẹ lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n náà fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, àwọn ará àdúgbò sì ń bi í léèrè. Amọ̀ pupa tí wọ́n jọ̀, tí wọ́n po mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ni wọ́n wá fi rẹ́ ẹ, ọ̀dà olómi ni wọ́n sì kùn ún, wọn ò lo olóròóró.

Ní ti àwọn tó ń ta kírímù tí wọ́n ń fún sínú ògiri kó lè dí omi ilẹ̀ lọ́nà, ó ń ṣiṣẹ́ lára búlọ́ọ̀kù tàbí bíríìkì, wọ́n á lu ihò tó fẹ̀ tó ìdajì ínṣì sínú ìlà sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ínṣì márùn-ún síra wọn, wọ́n á wá kún un. Ògiri amọ̀ ò ní ìlà sìmẹ́ǹtì tí wọ́n lè tọ̀, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó náwó ẹ̀ síbẹ̀. Kódà nílé búlọ́ọ̀kù, tí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju ihò wọ̀nyẹn lọ, omi á gba òkè ẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ìlà ògiri ẹ̀yìn ti wálẹ̀ sí fíìtì kan, ó bá ti àárín ilé dọ́gba. Kò ní lọ tán, torí kò sí náílọ́ọ̀nù nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n pílásítà amọ̀ ń gbà á jáde, kò sì bó. Ìparí òjò, lóṣù kẹwàá, ni kí onílé tún máa wọn ìlà yẹn, torí ìgbà yẹn ló máa ń ga jù.